Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi: Wákàtí Ibi Iṣẹ́ Yín Lé, Iṣẹ́ Ilé Kò Dín

Ọkọ mi, olówó orí mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní fa ìkíni gùn, torí ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ti pẹ́ nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ tuntun yìí lọ̀ yín, àwa méjèèjì la jọ jókòó sọ ọ́. A sọ̀rọ̀ owó oṣù, a sọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn, a sọ ìgbà tí ẹ ó máa wọlé lálẹ́. Ohun tí a ò sọ ni ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú ilé tẹ́lẹ̀. Mo béèrè, ẹ ní ká máa wò ó bó ṣe ń lọ. Bó ṣe wá lọ nìyí: gbogbo ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín, ọwọ́ mi ló bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá àyè rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti sọ ọ́ ní yàrá, mo ti sọ ọ́ ní ilé ìdáná. Èsì kan náà ni mo máa ń gbà: "Ṣé o ò rí i bó ṣe ń rẹ̀ mí ni?" Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ṣírò ọ̀rọ̀ náà, tí mo sì kọ ọ́ síbi tí ojú ayé ti lè kà á. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló wà nínú ohun tí a wà yìí, wọ́n ń fi ẹni tó rẹ̀ jù díje ní alaalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní.

1. Gbogbo wákàtí ni ká kà, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ nìkan

Ẹ máa ń sọ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ. Tó bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ nìkan, òótọ́ lẹ sọ. Wákàtí 52 lẹ ń lò níbẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ sì ń lo nǹkan bíi 10 lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 62. Tèmi jẹ́ 40 níbi iṣẹ́ àti 5 lójú ọ̀nà, ìyẹn 45. Bí ẹjọ́ bá parí síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre.

Kò lè parí síbẹ̀, torí ẹni tó wọlé tó bọ́ bàtà tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn kò tíì ṣíwọ́. Mo mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ iṣẹ́ ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣe é, àti bó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀. Mo kọ tiyín, mo kọ tèmi. Mi ò fẹ́ gbára lé ohun tí mo rántí, torí ìrántí kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọdún 1979, Michael Ross àti Fiore Sicoly, àwọn onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú, gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ilé fún àwọn tọkọtaya, wọ́n ní kí oníkálukú sọ ìwọ̀n tí òun ń ṣe nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro ti ọkọ pọ̀ mọ́ ti aya, ó lé ju odindi iṣẹ́ náà lọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Ohun tí ọwọ́ ara ẹni ṣe ló máa ń tètè wá síni lọ́kàn, ti ẹnìkejì kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rò pé ohun tí mo kọ ga jù, ẹ mú ìwé tiyín náà, ẹ kọ ọ́ fún oṣù kan, ká wá gbé méjèèjì síwájú.

Nínú ìwé mi, iṣẹ́ ilé wa ń gba wákàtí 39 lọ́sẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Ẹ ń ṣe 4 nínú rẹ̀, mò ń ṣe 35. Ẹ fi kún ti ibi iṣẹ́: tiyín di 66, tèmi di 80. Kí iṣẹ́ tuntun tó dé, ẹ ń ṣe tó wákàtí 14 nínú ilé, èmi ń ṣe 25. Wákàtí 10 tí ẹ gbé sílẹ̀ kò pòórá, iṣẹ́ ilé kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gba bàbá àwọn ọmọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Abọ́ tó dọ̀tí lánàá ṣì ń dọ̀tí lónìí.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹ jẹ́ ká ro 66 yín pọ̀ mọ́ 80 mi, ó jẹ́ 146. Ìdajì rẹ̀ ni 73. Kí ẹ tó lè dé 73, ẹ ó máa ṣe wákàtí 11 nínú iṣẹ́ ilé, èmi á sì máa ṣe 28. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: èmi ni màá ṣì máa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Mi ò ní ká pín iṣẹ́ ilé sí méjì ọgbọọgba, torí wákàtí ibi iṣẹ́ yín gùn ju tèmi lọ, ó sì yẹ kí ìyẹn rà yín padà níbì kan. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí àárẹ̀ wa dọ́gba. Wákàtí 7 péré ló kù kó kúrò lọ́wọ́ mi bọ́ sí ọwọ́ yín.

2. Iṣẹ́ tó ṣeé gbé kiri nìkan ni ká gbé

Ẹ máa ń sọ pé ẹ kì í sí nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní kí ẹ wà ní ibi tí ẹ ò lè wà. Iṣẹ́ ilé pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan ní àkókò tiwọn: gbígba àwọn ọmọ nílé ìwé, oúnjẹ alẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá, wíwẹ̀ fún àbíkẹ́yìn wa kó tó sùn. Tí ago wọn bá lù tí kò sẹ́nì kankan nílé, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ̀nyí wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì wà níbẹ̀, torí èmi ni mo máa ń ti dé nígbà náà.

Àwọn kejì lè dúró de ènìyàn. Aṣọ kò bìkítà bóyá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí ọ̀sán Sọ́ńdè. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ṣeé kọ lórí fóònù nínú ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ bọ̀ nílé. Nínú àwọn wọ̀nyí ni mo ti yan wákàtí 7 yín: aṣọ gbogbo ilé, tó ń gba wákàtí 3, ríra ohun ìlò ilé, 2, fífọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́, 1, ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ, 1. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ já yín kúrò níbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀.

Tí ẹ bá rí iṣẹ́ mìíràn tó wù yín jù nínú 28 tó kù lọ́wọ́ mi, tó sì gba àkókò kan náà, ẹ fi pààrọ̀. Ẹni tó yan iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tí wọ́n yan án fún.

3. Ẹ má ràn mí lọ́wọ́ mọ́

Orí kókó yìí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí òun ló ń bí ìjà nínú ilé wa ju ọ̀rọ̀ wákàtí lọ.

Ẹ ti ń "bá mi fọṣọ" rí. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé agbọ̀n aṣọ ti kún. Èmi ni mo rántí pé aṣọ ilé ìwé ọmọ wa obìnrin wà nísàlẹ̀, àti pé méjì péré ló ní. Èmi ni mo mọ̀ pé ọṣẹ kù díẹ̀. Mo wá sọ fún yín, ẹ dìde, ẹ kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ padà jókòó. Ẹ̀rọ parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó ké, ẹ ò gbọ́. Nígbà tó di alẹ́ Sọ́ńdè, mo ṣí i, òórùn aṣọ tutù tó ti pẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi. Mo tún un fọ̀. Mo sá a sórí àga níwájú fáànù. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, etí ọrùn aṣọ náà ṣì tutù nígbà tí ọmọ wọ̀ ọ́ jáde. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ó sọ pé ẹ fọṣọ lọ́sẹ̀ yẹn, irọ́ kọ́ sì ni. Nínú ìwé mi, bíi ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ fún yín.

Ní ọdún 2019, onímọ̀ nípa àwùjọ kan tó ń jẹ́ Allison Daminger tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn tó fọ̀rọ̀ wá tọkọtaya 35 lẹ́nu wò. Ó ní iṣẹ́ ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ pín sí mẹ́rin: kí ènìyàn rí ohun tí yóò nílò kó tó dé, kó wá ọ̀nà tí yóò gbà á, kó pinnu, kó sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi yọrí. Ó rí i pé ìpinnu ni àwọn ọkọ àti aya jọ máa ń pín dáadáa. Rírí i ṣáájú àti ṣíṣọ́ ọ, orí obìnrin ni wọ́n máa ń wà jù. Nígbà tí mo kà á, mo rò pé ilé wa ló wá. Ẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ irú ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a máa rà. Èmi ni mo ń mọ ìgbà tí aṣọ máa tán.

Iṣẹ́ ọpọlọ yìí kò hàn lójú, mi ò sì lè kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sínú ìwé, torí mò ń ṣe é lójú ọ̀nà, mò ń ṣe é níbi iṣẹ́, mò ń ṣe é nígbà tí oorun ń kùn mí. Nítorí náà, 80 tí mo kọ sókè yẹn kò tilẹ̀ kó gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí iṣẹ́ tó bá di tiyín di tiyín láti orí dé ìdí. Tí aṣọ bá jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ ó máa wo agbọ̀n, ẹ̀yin lẹ ó mọ̀ pé ọṣẹ ń tán, ẹ̀yin lẹ ó fọ̀, lẹ ó sá, lẹ ó ká, lẹ ó kó o síbi tó yẹ. Èmi ò ní rán yín létí. Ohun tí a ó jọ fẹnu kò lé lórí ni ibi tó gbọ́dọ̀ dé: kí aṣọ ilé ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó máa lò láti Mọ́ńdè dé Fráídè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kó gbẹ, kó mọ́, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà dé ibẹ̀ kò kàn mí. Tí ẹ bá ká tówẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà tí mi ò fẹ́, mi ò ní tú u ká, torí ẹni tó bá ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ti gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bí a ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi lóòótọ́ kò le. Tí mi ò bá sí nílé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí mi ò sì pe ẹnikẹ́ni, ṣé aṣọ á ṣì gbẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Tí ẹ bá ní láti pè mí béèrè ibi tí ọṣẹ wà, ó ṣì jẹ́ tèmi.

4. Ìsinmi tí wọ́n ń já kì í ṣe ìsinmi

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa ń sùn lọ́sàn-án, ilé á sì pa rọ́rọ́ torí mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé bàbá wọn ń sùn. Èmi náà máa ń jókòó ní ọ̀sán yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí mo ṣe ń jókòó: ọ̀kan ń béèrè omi, èkejì ń ké pé ẹ̀gbọ́n òun gba nǹkan lọ́wọ́ òun, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Tí a bá kà á, àwa méjèèjì la ní wákàtí mẹ́ta "ìsinmi" lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ò mọ̀ ọ́n sí ìsinmi.

Mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì. Èmi ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀yin ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹni tí kì í ṣe àkókò tirẹ̀ ló ni àwọn ọmọ pátápátá nígbà náà: ebi wọn, ìjà wọn, egbò orúnkún wọn. Bí ẹ bá sùn ní Sọ́ńdè, ẹ sùn fọnfọn. Bí mo bá jáde ní Sátidé, kí fóònù mi má dún nítorí pé wọn ò rí bàtà kan.

5. Nígbà tí ọmọ bá ṣàìsàn

Láti ìgbà tí ẹ ti bọ́ síbi iṣẹ́ yìí, èmi nìkan ni ilé ìwé ń pè, èmi nìkan ni mo sì ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọjọ́ ìsinmi ọdún mi ti ń lọ sórí ibà àti inú rírun kí ọdún tó dé ìdajì. Mo gbà pé iṣẹ́ tuntun kì í jẹ́ kí ènìyàn máa sá jáde. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà ní ọjọ́ ìsinmi nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Kí àkọ́kọ́ jẹ́ tèmi, kí èkejì jẹ́ tiyín, ká máa pa á dà bẹ́ẹ̀. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ò lè kúrò rárá, ẹ jẹ mí ní gbèsè rẹ̀, ẹ sì san án ní ìgbà tó kàn.

6. Wákàtí àfikún

Ẹ ti ń gba iṣẹ́ àfikún láìbi mí, bíi pé àkókò yín nìkan lẹ fi ń san án. Wákàtí tí ẹ bá fi kún ti ibi iṣẹ́, èmi ni mo ń fi ara gba á nílé. Ẹ̀mí yín náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí jáde pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ní ewu rọpárọsẹ̀ tó fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40, ewu kí àìsàn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé dáadáa sì pa wọ́n fi ìdá 17 lé. Ẹ ti wà ní 52. Ààlà náà kò jìnnà, mi ò sì fẹ́ sin ọkọ mi nítorí owó àfikún.

Ohun tí mo ń béèrè

Kí àwọn iṣẹ́ mẹ́rin tí mo kà sókè di tiyín láti Sátidé tó ń bọ̀, láti orí dé ìdí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ lè bi mí ní ohunkóhun nípa wọn. Màá kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, títí dé orúkọ olùkọ́ àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní ṣọ́ wọn mọ́, mi ò sì ní tún wọn ṣe.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ àfikún tó kọjá wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí a jọ sọ ọ́. Tí òpin oṣù bá dé tí iṣẹ́ yín sì bo yín mọ́lẹ̀, ẹ wá bá mi ká ṣe pàṣípààrọ̀: màá gba aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó gba nǹkan mìíràn tó tó o lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kàn má jẹ́ kó ṣubú sílẹ̀ kí n lọ bá a níbẹ̀.

Kí a jọ wo èyí tí a lè yọ kúrò pátápátá nínú wákàtí 39 yẹn. Kò sí ẹni tó kú nítorí aṣọ orí ibùsùn tí wọn kò lọ̀. Tí apá kan nínú àlékún owó oṣù yín bá sì lè san fún ẹni tí yóò máa wá tún ilé ṣe, kí wákàtí tí ó bá gbà kúrò jáde lára àwa méjèèjì, kó má jẹ́ lára tiyín nìkan.

Lẹ́yìn oṣù kan, ká tún ìṣirò náà ṣe. Tí tiyín bá ti ga ju tèmi lọ, èmi ni màá gba wákàtí padà, ẹ ò sì ní bẹ̀ mí kí n tó ṣe é.

Alẹ́ Ọjọ́rú ni àwọn ọmọ máa ń tètè sùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi alẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ sì mú kálàmù wá.

Èmi ni ìyàwó yín.